Mẹ́nù Tó Wà Nínú Síìmù: Ohun Tó Lè Ṣe àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Nínú àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwa tí a ń tún fóònù ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀kan wà tí kì í tán nílẹ̀: ta ló gbé ohun tí wọ́n kọ SIM Toolkit sí lára yìí sórí fóònù mi? Ẹni tó ń béèrè kò gbé e síbẹ̀, kò fi owó rà á, ó sì ti gbìyànjú láti yọ ọ́ kúrò títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé olè ló fi ń ṣọ́ wọn. Kì í ṣe gbogbo fóònù ló ń pè é ní orúkọ yẹn. Lórí àwọn mìíràn, orúkọ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló máa ń wà lábẹ́ àwòrán kékeré náà. Lórí iPhone, inú Settings ló sá pamọ́ sí, ní ibi tí wọ́n kọ SIM Applications sí. Lórí fóònù tọ́ọ̀ṣì, ó máa ń wà láàárín àwọn ohun tó jáde nígbà tí a bá tẹ Menu, ọ̀pọ̀ ìgbà ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ẹ yọ síìmù kúrò nínú fóònù náà, kí ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Àwòrán yẹn kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ wá ki síìmù kan náà bọ fóònù aládùúgbò yín, ẹ ó rí i pé ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ló ti jáde. Ohun tí mo máa ń ṣe níwájú oníbàárà nìyẹn kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kankan, nítorí ó fi hàn kedere pé fóònù kọ́ ló ni mẹ́nù yìí, síìmù ló ni ín. Irin aláwọ̀ wúrà tó wà lára síìmù bo kọ̀ǹpútà kékeré kan mọ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà náà sì ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀. Nígbà tí fóònù bá tàn, síìmù yóò sọ fún un pé kó bá òun gbé àkọlé báyìí báyìí jáde lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ìránṣẹ́ ni fóònù jẹ́: yóò fi ohun tí síìmù ní kó fi hàn hàn, yóò gba nọ́ńbà tí a bá tẹ̀, yóò gbé e padà fún síìmù, síìmù ni yóò sì pàṣẹ pé kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, tàbí kó tẹ kóòdù kan, tàbí kó pe nọ́ńbà kan. Láti àwọn ọdún 1990 ni ìlànà yìí ti wà, nígbà tí ojú fóònù kò ju ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí àwòrán nínú mẹ́nù náà, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì máa ń kúrú bí ìgbà tí èèyàn ń fi ọ̀rọ̀ ṣahun.

Yíyẹ iye kírẹ́díìtì tó kù wò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi í ṣe, ibẹ̀ gan-an ni àṣìyé àkọ́kọ́ sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbà pé inú síìmù ni owó wà, bí owó ṣe ń wà nínú kóló. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni àkọsílẹ̀ owó wà. Síìmù fúnra rẹ̀ kò mọ iye tó kù. Ẹ jẹ́ ká wo ìyá kan tó ń ta gàrí ní ọjà Òkè Ajé, tó ra kírẹ́díìtì ₦500 láàárọ̀, tó sì fẹ́ mọ ohun tó ṣẹ́ kù lọ́sàn-án. Ó ṣí mẹ́nù síìmù, ó yan My Account, ó yan Check Balance, ó tẹ OK. Ojú fóònù kọ ọ́ pé ó ń fi nǹkan ránṣẹ́, lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, àpótí kékeré kan jáde tó sọ pé ₦318.40 ló kù. Lójú ìyá yìí, mẹ́nù ló ka owó fún òun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé síìmù ní kí fóònù tẹ kóòdù ìbéèrè kan, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà ló sì dáhùn. Ìyá náà ìbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ kóòdù yẹn, èsì kan náà ni yóò rí:

```
*310#
```

Ẹni tó bá ti oko kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó dé rí, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ti í fẹ́ dé, yóò ti rí ẹ̀rí èyí láìmọ̀. Mẹ́nù yóò ṣí níbẹ̀ wẹ́rẹ́, ojú ewé kìíní, ìkejì, ìkẹta, nítorí inú síìmù ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìgbà tó bá kan títẹ OK ìkẹyìn, tó yẹ kí ìbéèrè jáde lọ, ló máa kọ̀. Nítorí náà, pé mẹ́nù ṣí kì í ṣe àmì pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, bẹ́ẹ̀ ni pé kò mú èsì wá kì í ṣe àmì pé síìmù ti bàjẹ́.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí owó fi ń lọ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun inú mẹ́nù ló ń gba ọ̀nà kóòdù lọ; àwọn kan ń gba ọ̀nà àtẹ̀jíṣẹ́. Èyí tó bá gba ọ̀nà àtẹ̀jíṣẹ́ lè gba owó àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, bí kò bá sì sí kọ́bọ̀ nínú kírẹ́díìtì, ó lè kọ̀ láti jáde. Àwọn fóònù kan máa ń béèrè kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́, àwọn mìíràn kì í béèrè. Ẹni tí kírẹ́díìtì rẹ̀ ti tán, tí mẹ́nù sì kọ̀ fún un, kó tẹ kóòdù tó wà lókè yìí fúnra rẹ̀, nítorí wíwo iye tó kù lọ́nà bẹ́ẹ̀ kì í gba owó.

Ohun tó tún ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ọmọ ìyá méjì lè wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, kí mẹ́nù tí wọ́n rí má sì bára mu. Ti ẹ̀gbọ́n ní ohun mẹ́rin, ti àbúrò ní mẹ́sàn-án. Ọjọ́ orí síìmù ló fà á. Láti ilé tí wọ́n ti ṣe síìmù ni wọ́n ti kọ mẹ́nù sínú rẹ̀, ohun tó sì wà lóde lọ́dún náà ni wọ́n kọ. Lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí kò ní hàn sí ẹni tó ni fóònù ránṣẹ́ láti tún mẹ́nù náà kọ láti òkèèrè, ṣùgbọ́n síìmù tó ti pẹ́ lè má ní ààyè fún un, tàbí kó jẹ́ pé ó wà nínú dúrọ́ọ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń ṣe àtúnṣe náà. Àjọ NCC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, pàṣẹ pé kí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa lo kóòdù kan náà, wọ́n sì fi ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ṣe gbèdéke. Láti ìgbà náà ni 310 ti di ti wíwo kírẹ́díìtì lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí 311 di ti sísan kírẹ́díìtì sórí fóònù, 312 di ti dátà, 323 di ti wíwo dátà tó kù, 303 di ti yíyá kírẹ́díìtì, 321 sì di ti fífi kírẹ́díìtì tàbí dátà ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. A ó fi ìràwọ̀ síwájú, a ó fi háàṣì sẹ́yìn. Mo ní síìmù kan tí mo ti rà tipẹ́ kí òfin yìí tó dé. Lẹ́yìn tí ó dé, mo yan wíwo kírẹ́díìtì nínú mẹ́nù rẹ̀, wọ́n dá mi lóhùn pé kóòdù tí mo tẹ̀ kò sí. Èmi kò tẹ kóòdù kankan. Síìmù ló ń tẹ kóòdù àtijọ́ tí wọ́n kọ fún un nígbà tí wọ́n bí i. Nígbà tí mo lọ gba síìmù mìíràn lórí nọ́ńbà kan náà, mẹ́nù tuntun bá a wá.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ nídìí àwọn ohun tí wọ́n ń tà nínú mẹ́nù yìí, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Yàtọ̀ sí kírẹ́díìtì àti dátà, inú mẹ́nù ni wọ́n ń kó orin ìpè sí, àwàdà ojoojúmọ́, èsì bọ́ọ̀lù, àdúrà òwúrọ̀, ìmọ̀ràn ìlera àti tẹ́tẹ́ àìmọye. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀, tó rí iye owó, tó sì gbà, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ níyà. Ṣùgbọ́n síìmù tó lè pàṣẹ fún fóònù pé kó gbé mẹ́nù jáde lè pàṣẹ fún un pé kó gbé ìpolówó jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí nǹkan kan. Àpótí kékeré ni. Ó máa ń bo ohun tí èèyàn ń ṣe lọ́wọ́, ó máa ń ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta ọ̀rọ̀, ó sì máa ń ní OK ní apá kan, Cancel tàbí Back ní apá kejì.

Ìyá àgbà kan wá láti Ṣàgámù lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú un wá. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá ra kírẹ́díìtì, àádọ́ta náírà a ti lọ nínú rẹ̀ kí òun tó pe ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kò forúkọ sílẹ̀ fún ohunkóhun, mo sì gbà á gbọ́. Mo gba fóònù tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, mo wò ó. Bọ́tìnì òkè lápá òsì ni ìyá ń tẹ̀ nígbàkígbà tó bá fẹ́ ṣí Menu. Bọ́tìnì kan náà ni OK nígbà tí àpótí ìpolówó bá jáde. Ó ti mọ́ àtàǹpàkò ìyá lára láti lọ síbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ojú fóònù bá tàn. Bí àpótí bá yọ lásìkò tó ń gbé fóònù láti fi pe ọmọ rẹ̀, ó ti gbà kó tó mọ̀ pé wọ́n bi òun léèrè. Bí mo ṣe jókòó tì í, bí ìṣẹ́jú ogún, òmíràn tún yọ, àtàǹpàkò ìyá sì ti gbéra kí n tó sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró." Orin ìpè ló wà nínú rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń dá a mọ̀? Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ní orúkọ tàbí nọ́ńbà ẹni tó fi í ránṣẹ́, ó sì máa ń wà nípamọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ padà kà á. Àpótí inú síìmù kò ní olùránṣẹ́ lójú, bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó ti lọ, a kò ní rí i níbìkan mọ́. Ẹ̀rí tó máa ń kù ni àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé e, èyí tó ń kí èèyàn kú oríire pé ó ti darapọ̀ mọ́ iṣẹ́ báyìí, tó ń sọ iye tí wọn yóò máa gbà àti iye ọjọ́ tí wọn yóò fi máa tún un gbà. Irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kún inú fóònù ìyá Ṣàgámù. Kò kà wọ́n rí ni, nítorí ó rò pé ìpolówó ni gbogbo wọn.

Ohun mẹ́ta ni mo ṣe fún un, wọn kò sì jọra rárá bí àwọn èèyàn tilẹ̀ máa ń da wọ́n pọ̀. Mo kọ́kọ́ dá èyí tó ti forúkọ sílẹ̀ fún dúró. Kóòdù rẹ̀ nìyí, yóò sì to àwọn iṣẹ́ tó ń jẹ owó jọ kí èèyàn yan èyí tó fẹ́ pa:

```
*305#
```

Lẹ́yìn náà, mo wọ inú mẹ́nù síìmù rẹ̀, mo wá ibi tí wọ́n kọ Settings sí, nínú rẹ̀ ni mo ti pa àwọn àpótí tó ń yọ láìpè. Kì í ṣe gbogbo síìmù ló ní ibẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì máa ń yàtọ̀, ó lè jẹ́ Activation tàbí orúkọ ìpolówó náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára kí èèyàn kọ́kọ́ wá a. Paríparí rẹ̀, mo kọ STOP, mo fi ránṣẹ́ sí 2442, èyí tí NCC ṣètò láti dá ìpolówó orí àtẹ̀jíṣẹ́ àti ìpè dúró. Ẹni tó bá ṣe ti 2442 yìí nìkan yóò rí i pé owó ṣì ń lọ, nítorí ìpolówó tuntun ló ń lé sẹ́yìn. Kì í pa iṣẹ́ tí a ti gbà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní fóònù ńlá máa ń sọ fún mi pé àwọn ti lọ sínú Settings láti pa SIM Toolkit lẹ́nu. Ìyẹn pa ojú fèrèsé dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń gba owó lọ́dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni pa nǹkan. Bí owó bá ṣì ń lọ lẹ́yìn gbogbo èyí, 300 ni ká pe lákọ̀ọ́kọ́, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan, 622 ti NCC kì í gba owó.

Ó wá ku sísan owó iná, owó tẹlifíṣọ̀n àti irú wọn. Níbí, ohun tí mẹ́nù síìmù lè ṣe kò dọ́gba láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Ní Kẹ́ńyà, nígbà tí Safaricom gbé M-Pesa jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2007, inú mẹ́nù síìmù gan-an ni wọ́n gbé e sí: fífi owó ránṣẹ́, gbígba owó jáde, nígbà tó yá sísan owó iná àti omi, gbogbo rẹ̀ wà lórí fóònù tọ́ọ̀ṣì tí kò mọ ìńtánẹ́ẹ̀tì rí. Síìmù yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó lè fi kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú rẹ̀ ti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ pa kí àtẹ̀jíṣẹ́ tó jáde. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọdún 2022 ni báńkì orí fóònù MoMo tó jẹ́ ti MTN àti SmartCash tó jẹ́ ti Airtel ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orí kóòdù àti áàpù ni wọ́n sì gbára lé. Bí ẹ bá rí sísan owó nínú mẹ́nù síìmù yín, ọ̀nà àbùjá ni, inú kóòdù yẹn náà ni yóò gbé yín lọ.

Ohun tó máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù níbẹ̀ ni irú owó tí yóò san án. Kírẹ́díìtì ìpè kì í ṣe owó tí wọ́n fi ń san iná. Ẹni tó ní ₦5,000 kírẹ́díìtì lè má ní kọ́bọ̀ nínú àpò owó orí fóònù, nítorí àkọsílẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ wà lórí nọ́ńbà kan. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé owó sínú àpò yẹn láti báńkì tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe POS. Ẹni tó bá sì gba ti kóòdù báńkì rẹ̀ lọ, inú àkáǹtì ni owó iná yóò ti jáde, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹfà ọdún 2025, owó lílo kóòdù báńkì ti ń jáde láti inú kírẹ́díìtì, ₦6.98 fún ìṣẹ́jú méjì-méjì, wọn yóò sì kọ́kọ́ béèrè bóyá ó gbà. Bí kírẹ́díìtì kò bá sí, kóòdù báńkì náà kò ní ṣí, bí mílíọ̀nù tilẹ̀ wà nínú àkáǹtì.

Ká sọ pé a fẹ́ ra iná ₦3,000 sórí mítà alásansílẹ̀ ní Mọlípà. A ó yan iná mànàmáná, a ó yan IBEDC, torí àwọn ló ń pín iná ní agbègbè wa, a ó sì yan Prepaid. A ó tẹ nọ́ńbà mítà, kì í ṣe nọ́ńbà ilé, kì í ṣe nọ́ńbà tókìn àtijọ́. A ó tẹ iye owó. Ó yẹ kí orúkọ ẹni tó ni mítà jáde báyìí, ó sì yẹ ká kà á dáadáa kí a tó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀, nítorí bí a bá ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀, mítà ẹlòmíràn ni yóò gba tókìn náà, kò sì ní wọlé sára tiwa láéláé. Orúkọ onílé ló sábà máa ń jáde, kì í ṣe ti ayálégbé. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe. Lẹ́yìn náà ni tókìn yóò wá nínú àtẹ̀jíṣẹ́, nọ́ńbà ogún géérégé, tí a ó tẹ̀ sára mítà.

Nígbà mìíràn, owó á jáde, tókìn kò sì ní wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á tún san ₦3,000 mìíràn lójú ẹsẹ̀, tí tókìn méjì yóò sì dé lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ìdí ni pé ọ̀nà tí owó gbà lọ àti ọ̀nà tí tókìn ń gbà bọ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Owó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn oníná, àtẹ̀jíṣẹ́ ló há sójú ọ̀nà, tàbí kó jẹ́ pé ìṣẹ́jú kóòdù tán kí èsì tó wọlé. Ẹ kọ́kọ́ wo ìtàn owó nínú àpò náà, ẹ wá ìnáwó ọjọ́ náà, tókìn sábà máa ń wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ da nọ́ńbà ìdúnàádúrà kọ sórí ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà mítà àti àkókò tí ẹ san án, kí ẹ pe àwọn tó ni àpò owó náà. Pípe ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí 300 pé mẹ́nù síìmù jẹ owó yín kò ní ràn yín lọ́wọ́ níbí, nítorí ìbéèrè nìkan ni síìmù gbé jáde; kò fọwọ́ kan ₦3,000 náà rárá.